Ọmọ Tí Kò Wúkọ́

Láti ọjọ́ tí mo ti wọ ilé ọkọ ní Ògbómọ̀ṣọ́ ni mo ti ń pe àbúrò ọkọ mi obìnrin ní Àǹtí. Mo jù ú lọ. Mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní bàọ́lọ́jì nígbà tí òun ṣì ń wọ yunifọ́ọ̀mù. Ṣùgbọ́n wọ́n ti bí i sínú ilé kí wọ́n tó gbé mi wọ ibẹ̀, nítorí náà "ẹ̀yin" ni mò ń pè é, òun a sì máa pè mí ní "ìyàwó wa", ìwọ báyìí, ìwọ bẹ́ẹ̀. Orí mi ti funfun tán, ọkùnrin tí ó so wá pọ̀ ti wà nínú ilẹ̀, ìyàwó wa ni mo ṣì ń jẹ́. N kò bá a jà lórí ìyẹn rí. Ọ̀rọ̀ ọmọ ni mo bá a jà lé lórí, n kò sì tíì parí ìjà náà.

Àǹtí ni ó ń wẹ ọmọ tuntun nínú ilé yẹn. Iṣẹ́ ìyá rẹ̀ ni, òun ni ó sì jogún rẹ̀. Bí ìyàwó ilé kankan bá ti bímọ, Àǹtí yóò dé pẹ̀lú àpótí ìjókòó rẹ̀, kàn-ìn-kàn-ìn rẹ̀ àti ìgò àdí rẹ̀. Yóò na ẹsẹ̀ méjèèjì, yóò tẹ́ ọmọ sórí ojúgun, yóò máa fi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ tẹ orí rẹ̀, yóò máa na apá rẹ̀, yóò gbé e sókè, yóò tún gbà á mú, òun yóò sì máa ki ọmọ náà ní oríkì títí ẹkún rẹ̀ yóò fi rọ̀. N kò ní purọ́ mọ́ ọn, ọwọ́ rẹ̀ dán mọ́ iṣẹ́ náà. Ohun tí ó máa ń fi parí rẹ̀ ni mo kórìíra. Yóò fi ẹnu bo imú ọmọ, yóò fa ikun inú rẹ̀ jáde, yóò tu ú sí ẹ̀gbẹ́ kan. "Kí ó lè rí èémí mí dáadáa" ni ó máa ń wí.

Nígbà tí ìyàwó ọmọ mi bí àkọ́bí rẹ̀, ọmọbìnrin, mo kúrò ní ilé mi ní Ọ̀yọ́. Mo yà sí ọjà Akẹ̀sán láti ra àwọn nǹkan tí ènìyàn ń rà fún ìyá ọlọ́mọ, mo sì wọ ọkọ̀ lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́. Ìgbà ọyẹ́ ni. Kí n tó bọ́ bàtà mi lẹ́nu ọ̀nà ni mo ti ń gbọ́ ikọ́ kan láti inú ilé. Àǹtí ni.

Ní ọjọ́ ìkómọ, bí pásítọ̀ ti ń gbàdúrà lọ́wọ́, ikọ́ náà gbé e dìde láàárín ìjọ. Ó gba ẹ̀yìnkùlé lọ. Mo tẹ̀ lé e nítorí mo rò pé oúnjẹ há a lọ́fun. Ó di ògiri ilé ìdáná mú, ikọ́ ń tẹ̀ lé ikọ́ láìsí àyè láti mí, ojú rẹ̀ wú, omi ń dà lójú rẹ̀, lẹ́yìn náà ó bi gbogbo ẹ̀kọ òwúrọ̀ jáde. Ó fi etí ìró nu ẹnu, ó mí kanlẹ̀, ó sì yíjú padà sínú ilé láti lọ gbé ọmọ.

"Àǹtí," ni mo wí, "láti ìgbà wo ni ikọ́ yìí ti wà lára yín?"

"Kí ọyẹ́ tó le ni. Ikọ́ òtútù ni."

"Ikọ́ òtútù kì í mú ènìyàn bì báyìí. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ kí ẹlòmíràn máa wẹ ọmọ yìí títí ikọ́ náà yóò fi lọ."

Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà kí gbogbo àlejò lè gbọ́ èsì rẹ̀. "Ẹ gbọ́ ohun tí ìyàwó wa wí o! Ó ní kí n má wẹ ọmọ bàbá mi. Ìyàwó wa, ṣé ìwé tí o kà ni yóò wẹ̀ ẹ́? Gbé e wá, kí a bomi sí i!"

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín, àwọn tí mo kọ́ ní ilé ẹ̀kọ́ pàápàá. Ọmọ mi, bàbá ọmọ tuntun, rẹ́rìn-ín pẹ̀lú wọn, ó sì ní, "Mọ́mì, ẹ fi wọ́n sílẹ̀, àwọn ni wọ́n wẹ èmi náà." Ìyàwó rẹ̀ nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ẹni tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀ ni, ó kàn ń wo ọmọ rẹ̀ bí Àǹtí ti ń gbé e sórí itan.

Mo padà sí Ọ̀yọ́. Wọ́n ń wẹ ọmọ lọ.

Ọmọ náà kò tíì pé ọ̀sẹ̀ mẹ́fà tí wọn yóò fi bẹ̀rẹ̀ sí í gún un ní abẹ́rẹ́ àjẹsára tirẹ̀ nígbà tí ìyàwó ọmọ mi pè mí lórí fóònù ní àárọ̀ ọjọ́ kan. Ohùn rẹ̀ kéré bí ìgbà tí ènìyàn ń yọ́ sọ̀rọ̀.

"Mọ́mì, ẹ jọ̀wọ́, ẹ máa bọ̀. Ọmọ máa ń dákẹ́."

"Ó ń dákẹ́ bí i báwo? Ṣé kò sunkún ni?"

"Kò mí, Mọ́mì. Á dákẹ́, ètè rẹ̀ á dúdú, á tún bẹ̀rẹ̀ sí í mí. Wọ́n ní gìrì ni."

Ọ̀sán kò tíì pọ́n tí mo fi dé Ògbómọ̀ṣọ́. Mo bá wọn ní pálọ̀. Àlùbọ́sà tí wọ́n gún ń rùn ní gbogbo ilé, wọ́n ti fi àdí pa ọmọ náà láti orí dé ẹsẹ̀, ara rẹ̀ ń dán bí ìkòkò tuntun. Mo gbà á. Kò ní ibà. Imú rẹ̀ tutù díẹ̀, bí i ti ọmọ tí òtútù kékeré mú. Mo ní kí ìyá rẹ̀ fún un lọ́yàn. Ó fà á díẹ̀, ó fi í sílẹ̀ bí ẹni tí ó rẹ̀, lẹ́yìn náà ó dákẹ́ bí wọ́n ti sọ. Kò sunkún, kò wúkọ́, kò gbọ̀n. Àyà rẹ̀ kàn dúró ni. Ètè rẹ̀ dúdú bí ẹni tí ó lá aró, ọwọ́ rẹ̀ rọ̀ jọ̀bọ̀tọ̀. Mo fọwọ́ gbo àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀, mo pe Jésù, mo tún gbo ó. Ó já èémí kan gbà bí ẹni tí ó ń yọ láti inú odò.

"Ṣé o rí i," ni Àǹtí wí, ó ti mú ṣíbí àti ìgò àgbo dání. "Gìrì ni. Ẹ bá mi ya ẹnu rẹ̀."

"Ọmọ tí kò rí èémí mí, ẹ fẹ́ da omi sí i lọ́fun?"

"Ìyàwó wa, má bẹ̀rẹ̀. Dọ́kítà ti rí i."

Ọmọ mi ni ó ṣàlàyé. Wọ́n ti gbé e lọ sí kílíníìkì kan nítòsí Tákíè láàárín ìlú lánàá. Ọ̀dọ́mọkùnrin tí ó wà níbẹ̀ bi wọ́n léèrè bóyá ọmọ ń wúkọ́. Wọ́n ní rárá. Bóyá ara rẹ̀ ń gbóná. Wọ́n ní rárá. Ó fi ẹ̀rọ gbọ́ àyà rẹ̀, ó ní ó mọ́ ketekete, ó sì fún wọn ní fítámìn olómi. Lójú tirẹ̀, bí ọmọ kò bá ti wúkọ́, kò sí àìsàn àyà, ó parí. Wọ́n gbé ọmọ tí kì í mí wá fún un, ó fún un ní fítámìn!

N kò mọ irú agbára tí mo ní lọ́jọ́ náà. Mo gba ìgò àgbo lọ́wọ́ Àǹtí, mo dà á sílẹ̀ lójú gbogbo wọn. Mo sọ fún ọmọ mi pé bí kò bá mú kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀, èmi yóò gbé ọmọ náà sọ́rùn, n ó sì fi ẹsẹ̀ rìn gba Sábó kọjá, kí gbogbo ìlú béèrè lọ́wọ́ mi bàbá tí ó bí i. Ó mú kọ́kọ́rọ́. Àǹtí wọ ọkọ̀ pẹ̀lú wa, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni pè é, ó ní kí a má ba òun lórúkọ jẹ́ lẹ́yìn òun.

Dọ́kítà àwọn ọmọdé tí ó gbà wá ní ilé ìwòsàn ńlá jẹ́ obìnrin tí kò ga, tí ó yára sọ̀rọ̀. Kò bi wá bóyá ọmọ ń wúkọ́. Ó wo ọmọ náà títí ó fi dákẹ́ lójú rẹ̀, ó ta á jí, ó gbé ọ́síjìn sí imú rẹ̀, kí ó tó kọjú sí wa.

"Ta ni ó ń wúkọ́ nínú ilé yín?"

Ọmọ mi wo ilẹ̀. Mo ya ẹnu láti sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n kò kàn mí mọ́, nítorí ikọ́ náà ti dé fúnra rẹ̀ láti orí bẹ́ǹṣì ìta tí Àǹtí jókòó sí, ikọ́ lórí ikọ́, ó gùn débi pé nọ́ọ̀sì kan sáré gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì fún un.

"Ìyẹn ni?" ni dọ́kítà wí.

"Ìyẹn ni," ni mo dáhùn. "Òun ni ó ń wẹ ọmọ. Òun ni ó ń fi ẹnu fa imú rẹ̀."

Wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ ọmọ náà, wọ́n fi òwú orí ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ gba ikun láti ẹ̀yìn imú rẹ̀. Dọ́kítà kò dúró de èsì kí ó tó bẹ̀rẹ̀ oògùn. Ó ní ikọ́ àwúbì ni òun fura sí. Nígbà tí èsì ẹ̀jẹ̀ fi hàn pé sẹ́ẹ̀lì funfun inú rẹ̀ ti pọ̀ kọjá ààlà, ó ní ìfura òun ti lágbára sí i.

Ọmọ mi, tí ó rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ ìkómọ, ni ó béèrè: "Ṣùgbọ́n dọ́kítà, kò wúkọ́ rárá. Báwo ni ikọ́ àwúbì ṣe lè wà láìsí ikọ́?"

Ìdáhùn obìnrin yẹn ni mo gbé délé, òun ni kò sì jẹ́ kí n sinmi títí di òní. Ó ní ọmọ tí ó ti gbó díẹ̀ ni ó máa ń wúkọ́ títí tí yóò fi fa èémí pẹ̀lú ariwo bí àkùkọ tí ó ń kọ. Ìyẹn gba agbára. Ọmọ ọwọ́ tí kò tíì pé oṣù méjì tàbí mẹ́ta kò ní agbára yẹn, apá ọpọlọ tí ó ń darí èémí rẹ̀ kò sì tíì gbó. Nítorí náà ikọ́ lè máà sí, tàbí kí ó kéré tí ẹnikẹ́ni kò ní ṣàkíyèsí rẹ̀. Ọmọ yóò kàn ṣíwọ́ mímí. Ètè rẹ̀ yóò dúdú, kò ní lè mu ọyàn. Ó ní ibẹ̀ ni àìsàn náà ti ń tan ènìyàn jẹ: àgbàlagbà ni yóò máa pariwo ikọ́ kiri ilé, kò sì ní pa á. Ọmọ tí ó dákẹ́ ni ó ń kú.

Ọmọ tí ó dákẹ́. Mo dìde kúrò níwájú rẹ̀, mo lọ dúró lẹ́bàá fèrèsé.

Mo bí ọmọkùnrin kan nínú ilé yẹn, kí n tó bí bàbá ọmọ yìí. Àrẹ̀mọ mi ni. Kò tó oṣù méjì láyé. Imú rẹ̀ tutù díẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọyàn, ó ń dákẹ́, ètè rẹ̀ ń dúdú, ó tún ń jí. Kò wúkọ́ rí. Àǹtí, ọ̀dọ́mọbìnrin nígbà náà, ni ó máa ń pọ̀n ọ́n, ikọ́ kan sì wà lára rẹ̀ lásìkò náà tí gbogbo ilé fi ń ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n ní bí ó bá wúkọ́ àwọn adìyẹ á sá. Ìyá ọkọ mi ń wẹ ọmọ náà, ó ń fa imú rẹ̀. Ní ọ̀sán kan ó dákẹ́, kò jí mọ́. Kí ara rẹ̀ tó tutù, ìyá ọkọ mi ti sọ ọ́: àbíkú ni. Ó ní ọmọ tí ó ń lọ tí ó ń bọ̀ báyẹn, tí ó ń kú tí ó ń jí, ó ń bá ẹgbẹ́ rẹ̀ sọ̀rọ̀ ni. Ilé onígbàgbọ́ o, ilé tí wọ́n ti ń kọrin ìsìn láàárọ̀ àti lálẹ́! Wọ́n sin ín sẹ́yìn ilé láìjẹ́ kí n rí i. Àǹtí ni ó gbé ọ̀rọ̀ náà káàkiri àdúgbò, pé ìyàwó àwọn tí ó jẹ́ olùkọ́ni, àbíkú ni ó ń bí. Nígbà tí ìjọba gbé mi lọ sí ilé ẹ̀kọ́ kan ní Ọ̀yọ́ lẹ́yìn tí mo bí bàbá ọmọ yìí, tí mo lọ, tí n kò padà wá gbé ibẹ̀ mọ́, wọ́n ní ìtìjú ni mo sá fún.

N kò lè búra pé ikọ́ àwúbì ni ó pa á. Kò sí ẹni tí ó gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, kò sí ẹni tí ó fi òwú kan imú rẹ̀. Ṣùgbọ́n mo kọ́ sáyẹ́ǹsì fún àwọn ọmọ ọlọ́mọ jálẹ̀ ọjọ́ ayé mi, mo mọ bí ohun méjì ṣe ń jọra.

Nígbà tí mo padà sọ́dọ̀ wọn, ìyàwó ọmọ mi ń béèrè ọ̀rọ̀ tirẹ̀. "Dọ́kítà, ṣebí wọ́n gún mi lábẹ́rẹ́ nígbà tí mo lóyún? Mi ò pa ọjọ́ kankan jẹ."

"Ti tẹ́tánọ́ọ̀sì ni ìyẹn, pẹ̀lú àrùn ọ̀fun tí à ń pè ní dìfitéríà. Ó dára, ṣùgbọ́n ti ikọ́ àwúbì kò sí nínú rẹ̀. Òmíràn wà tí ó ní i. Bí wọ́n bá gún un fún aláboyún, láti nǹkan bí oṣù keje, ara ìyá yóò ṣe èròjà tí ó ń bá àrùn náà jà, yóò sì gba inú ibi ọmọ kọjá sára ọmọ kí ó tó wáyé. Ohun tí yóò fi là á já nìyẹn títí abẹ́rẹ́ tirẹ̀ yóò fi bẹ̀rẹ̀ sí í ṣiṣẹ́. Ó sì gbọ́dọ̀ jẹ́ ní oyún kọ̀ọ̀kan, nítorí kì í pẹ́ kí ó tó dínkù lára ìyá."

"Kí ló dé tí wọn kò sọ fún mi?"

Dọ́kítà mí kanlẹ̀. Ó ní kò sí nínú àwọn tí wọ́n ń gún lọ́fẹ̀ẹ́ fún aláboyún ní àwọn ilé ìwòsàn ìjọba wa, ẹni tí ó bá mọ̀ nípa rẹ̀ ni ó ń béèrè. Mo ní kí ó jẹ́ kí n lóye rẹ̀ dáadáa: ohun tí ó lè dáàbò bo ọmọ wà láyé, ẹni tí kò bá mọ̀ kò ní rí i gbà, ẹni tí ó sì yẹ kí ó sọ fún un kò sọ? Ó ní bẹ́ẹ̀ ni, Mà. Mo ṣì ń bínú bí mo ti ń kọ ọ́.

Ọmọ náà kò kú. Ó pẹ́ lórí ọ́síjìn, nọ́ọ̀sì ń fi ọwọ́ ta á jí ní gbogbo ìgbà tí ẹ̀rọ bá ké, ìyá rẹ̀ ń fún ọyàn jáde kí wọ́n lè fi rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ gbà á wọlé láti imú rẹ̀. Gbogbo wa nínú ilé ni a gbé oògùn apakòkòrò mì kí àrùn náà má baà tún yí padà sára rẹ̀. Àǹtí nìkan ni wọ́n bẹ̀ kí ó tó mu tirẹ̀. Èsì òwú imú dé lẹ́yìn náà. Ikọ́ àwúbì ni.

Ó dáa. A dúpẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ta ni wọ́n gbé maikirofóònù fún? Àǹtí. Ó dúró níwájú gbogbo ìjọ, ó jẹ́rìí bí gìrì ṣe fẹ́ gbé ọmọ lọ, bí òun ṣe fi àlùbọ́sà àti àdí dá a dúró kí ilé ìwòsàn tó gbà á. Ìjọ kọ haleluyà. Mo wo ọmọ mi, ó ń pàtẹ́wọ́. Ìyàwó rẹ̀ jókòó tì mí, ó di ọmọ mú, kò pàtẹ́wọ́.

Nígbà tí ó tún lóyún, èmi ni ó kọ́kọ́ sọ fún. "Mọ́mì, abẹ́rẹ́ yẹn. Ẹ bá mi wá a." Mo wá a. A béèrè ní Ògbómọ̀ṣọ́, a béèrè ní Ọ̀yọ́, ní Ìbàdàn ni ilé ìwòsàn aládàáni kan ti ní i. Àǹtí gbọ́, ó kó ẹbí jọ. Ó ní èmi fẹ́ fi abẹ́rẹ́ pa ọmọ inú oyún. Mo ṣàlàyé fún wọn pé kò sí kòkòrò alààyè kankan nínú rẹ̀, kò lè fún aláboyún ní àrùn náà. Ọmọ mi ní kí a ṣì ní sùúrù. Ìyàwó rẹ̀ kò bá ẹnikẹ́ni jiyàn. Nígbà tí oyún wọ oṣù kẹjọ, òun àti èmi wọ ọkọ̀, wọ́n gún un ní apá, ó dùn ún fún ọjọ́ díẹ̀, ó parí.

Ọmọkùnrin ni ó bí. Àǹtí dé pẹ̀lú àpótí, kàn-ìn-kàn-ìn àti àdí. Mo ti dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá, mo ti to èébú mi. Ìyàwó ọmọ mi gba ẹ̀gbẹ́ mi kọjá pẹ̀lú ìbomú kan lọ́wọ́, ó kúnlẹ̀.

"Àǹtí, ẹ kú àbọ̀ o. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi èyí bo ẹnu àti imú. Dọ́kítà ní abẹ́rẹ́ kò ní kí a má ṣọ́ra. Bí ẹ bá ní ikọ́, ẹ sọ, ẹ ó padà wá nígbà mìíràn. Bí ẹ kò bá ní i, ẹ wẹ̀ ẹ́. Ẹnu yín kò ní kan imú ọmọ mi."

Àǹtí kò wo ọmọ náà. Èmi ni ó ń wò. "Ìyàwó wa, ìwọ lo kọ́ ọ."

"Kì í ṣe èmi. Ṣùgbọ́n mo ní ìbéèrè kan. Ikọ́ tí ó wà lára yín nígbà tí ẹ ń pọn àrẹ̀mọ mi, ṣé ẹ rántí rẹ̀? Èyí tí adìyẹ ń sá fún?"

Ó gbé àpótí rẹ̀ kalẹ̀. "Ìyá mi ló ní àbíkú ni. A ò mọ̀."

"Ẹ kò mọ̀. Mo gbà. Ta ni ó rán yín pé kí ẹ gbé e kiri àdúgbò?"

Ó gba ìbomú, ó so ó, ó jókòó, ó na ẹsẹ̀. Ó wẹ ọmọ náà dáadáa, n kò ní purọ́ mọ́ ọn. Ó ki ọmọ náà ní oríkì láti inú ìbomú, ohùn rẹ̀ ń jáde bí ohùn ẹni tí ó wà nínú àpótí. Nígbà tí ó parí, ó gbé ọmọ náà sókè bí ó ti máa ń ṣe, ó tẹ orí ara rẹ̀ sí ibi imú ọmọ, aṣọ ìbomú sì kan ọmọ náà lójú. Ó dúró bẹ́ẹ̀. Mo rí i bí ó ti rántí. Ó gbé orí rẹ̀ kúrò díẹ̀díẹ̀.

Mo na ọwọ́, mo gba ọmọ náà lọ́wọ́ rẹ̀. N kò sọ pé ẹ ṣé.